Bí a ṣe ń ka àtẹ rìgírẹ́ṣọ̀n inú SPSS, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sí Orí Kẹrin

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìwé tó ti ká mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ fi di ẹ̀pà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, bọ̀dá. Wọ́n ní ẹ mọ SPSS." Mo ní kó jókòó, kó tẹ́ ìwé ọ̀hún sílẹ̀ ká wò ó. Orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni. Alábòójútó rẹ̀ ti fi báírò pupa fa ilà sábẹ́ gbólóhùn kan, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Irọ́ ni. Lọ tún àtẹ rẹ kà." Gbólóhùn náà nìyí: "Nínú ohun mẹ́ta tí a yẹ̀ wò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló lágbára jù lórí èrè àwọn aládìrẹ, nítorí òǹkà rẹ̀ ló ga jù, 1.633."

Ohun tó dun ọmọ náà ni pé òǹkà yẹn wà nínú àtẹ lóòótọ́, òun náà ló sì tóbi jù nínú àwọn mẹ́ta tó ń fi wéra. Mo sọ fún un pé kò parọ́. Ó kàn ń fi kóńgò gàrí wé ọ̀pá aṣọ ni. Báyìí ni mo ṣe bá a ka àtẹ náà lọ́jọ́ yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti pààrọ̀ gbogbo òǹkà rẹ̀, títí kan 1.633 yẹn, mo tò wọ́n fún ìkọ́ni. Ẹ má mú wọn lọ tọ́ka sí bí ẹni pé ìwádìí gidi lórí Ìtòkú ni wọ́n.

Iṣẹ́ náà lọ báyìí. Ó fẹ́ mọ ohun tó mú kí èrè aládìrẹ kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì ní ọjà Ìtòkú. Èrè ọ̀sẹ̀ kan ni àbájáde tó fẹ́ ṣàlàyé, ó sì kọ ọ́ sínú dátà ní ẹgbẹ̀rún náírà: ẹni tó jèrè ₦31,000, 31 ló kọ fún un. Aṣàlàyé rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Èkíní ni iye ọdún tí onítọ̀hún ti lò nínú iṣẹ́. Èkejì ni owó tó fi ń ṣòwò, òun náà ní ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ̀kẹta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó ti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí òwò ṣíṣe, 1 ni, ẹni tí kò lọ, 0.

Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ òṣùwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kékeré kan kí ẹ tó ṣí àtẹ kankan: èrè, ẹgbẹ̀rún náírà lọ́sẹ̀; ọdún, ọdún kan; owó, ẹgbẹ̀rún náírà; ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé kékeré yẹn ló máa gbà yín.

Kí ẹ tó tẹ OK

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni `Analyze`, `Regression`, `Linear`. Èrè wọ inú `Dependent`, àwọn mẹ́ta tó kù wọ inú `Independent(s)`. Ẹ má tíì tẹ `OK`. Ẹ tẹ `Statistics`, kí ẹ sì sàmì sí `Confidence intervals` àti `Collinearity diagnostics`, torí SPSS kì í fúnra rẹ̀ gbé méjèèjì wá. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ó kọ àṣẹ fúnra rẹ̀, èyí náà nìyí:

```
REGRESSION
  /STATISTICS COEFF OUTS CI(95) R ANOVA COLLIN TOL
  /DEPENDENT ere
  /METHOD=ENTER odun owo idanileko.
```

Èmi fẹ́ràn àṣẹ kíkọ ju títẹ bọ́tìnnì lọ. Bí alábòójútó bá ní kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ò ní máa wá ibi tí ẹ tẹ̀ nígbà yẹn.

Bí àbájáde bá ti jáde, ibi tí ojú yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ni ìlà tín-ín-rín tó wà lábẹ́ àtẹ: `a. Dependent Variable: ere`. Bí ibẹ̀ bá kọ `odun` tàbí `owo`, ẹ ti gbé ohun tó yẹ kó wà lókè sí ìsàlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí òǹkà kan lókè rẹ̀ tó wúlò fún yín. Mo ti rí ẹni tó kọ ojú ewé mẹ́sàn-án lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀.

Àtẹ `Model Summary`

Níbí, `R` jẹ́ .571, `R Square` jẹ́ .326, `Adjusted R Square` jẹ́ .308. Èyí tí ẹ máa sọ̀rọ̀ lé lórí ni `R Square`. Ó ń sọ pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èrè aládìrẹ kan sí èkejì, nǹkan bí ìdá 33 nínú 100 ni ohun mẹ́ta yìí lápapọ̀ lè ṣàlàyé. Ìdá 67 tó kù wà níbòmíì: bóyá ibi tí ìsọ̀ wà, bóyá oníbàárà àtọ̀húnrìnwá, bóyá orí. Ẹ má fi `R` sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá kọ "ìdá 57 nínú 100" ti ka òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

`Adjusted R Square` máa ń kéré díẹ̀, torí ó ń yọ owó orí lára `R Square` fún aṣàlàyé kọ̀ọ̀kan tí ẹ kó wọlé. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì bá kéré bíi tiwa yìí, ara dẹ̀. Bí `R Square` bá jẹ́ .40 tí èkejì sì wálẹ̀ sí .15, aṣàlàyé tí ẹ kó jọ ti pọ̀ jù fún iye ènìyàn tí ẹ bi léèrè.

Àtẹ `ANOVA`

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àtẹ yìí ń dáhùn: ṣé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ sàn ju kí a kàn máa fi ìpíndọ́gba èrè sọ èrè ẹnikẹ́ni lọ? `F` jẹ́ 18.689, `Sig.` jẹ́ .000, kò tó .05 tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ààlà, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú àwọn mẹ́ta.

Ibi tí mo máa ń dúró sí jù níbẹ̀ ni òpó `df`. Ó ní òǹkà mẹ́ta: 3 lórí ìlà `Regression`, 116 lórí ìlà `Residual`, 119 lórí ìlà `Total`. Méjì àkọ́kọ́ ló ń wọ inú ìròyìn, bíi F(3, 116). Ọ̀pọ̀ ń kọ F(3, 119), alábòójútó tó bá lójú yóò rí i kíá. Ṣùgbọ́n ẹ má ju 119 yẹn nù. Ẹ fi 1 kún un, ó di 120. Iye ènìyàn tí SPSS lò gan-an nìyẹn. Mo bi ọmọbìnrin náà léèrè pé ìwé ìbéèrè mélòó ló gbà padà ní Ìtòkú, ó ní 128. Àwọn mẹ́jọ dà? Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, pàápàá jù lọ ibi tí a ti bèèrè owó, bí ẹ ṣe mọ̀ pé ìyálọ́jà kì í sọ owó ọwọ́ rẹ̀ fún àlejò. SPSS rí òfìfo kan, ó yọ onítọ̀hún kúrò pátápátá, kò sì ké gbàjarè. Orí kẹta rẹ̀ ní 128, orí kẹrin rẹ̀ náà ní 128, àmọ́ 120 ni àtẹ lò. A ní láti kọ gbólóhùn kan tó sọ ibi tí mẹ́jọ gbà lọ.

Àtẹ `Coefficients`, níbi tí ọ̀rọ̀ wà

Mo yọ òpó tí a kò tíì nílò kúrò kí ó lè hàn dáadáa:

```
                B     Std. Error   Beta      t     Sig.
(Constant)   14.280     2.360              6.051   .000
odun           .502      .139      .300    3.603   .000
owo            .060      .014      .360    4.296   .000
idanileko     1.633     1.575      .080    1.037   .302
```

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo gbogbo òpó yòókù, kí `B` nìkan ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kékeré tí a kọ òṣùwọ̀n sí. `B` ń sọ pé: bí aṣàlàyé yìí bá fi ẹyọ kan lé sí i, tí àwọn tó kù sì dúró sójú kan, èrè máa yí padà ní iye báyìí. Ẹyọ kan, ti òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Ẹyọ kan `odun` ni ọdún kan. .502 túmọ̀ sí ìdajì ẹgbẹ̀rún náírà àti díẹ̀, ìyẹn ₦502 lọ́sẹ̀. Ẹ mú ìyálọ́jà méjì tí owó ọwọ́ wọn dọ́gba, tí ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn náà sì rí bákan náà. Bí ọ̀kan bá fi ọdún mẹ́wàá ju èkejì lọ nínú iṣẹ́, a máa retí kí èrè rẹ̀ fi ₦5,020 ju ti èkejì lọ lọ́sẹ̀ kan.

Ẹyọ kan `owo` ni ẹgbẹ̀rún náírà kan. .060 túmọ̀ sí ₦60 lọ́sẹ̀ lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àfi ìgbà tí ẹ bá rántí pé kò sí ẹni tó ń fi ẹgbẹ̀rún náírà kan lé òwò àdìrẹ. Bí ó bá fi ₦50,000 lé e, ó di ₦3,000 lọ́sẹ̀.

Ẹyọ kan `idanileko` ni kí ènìyàn kúrò ní ẹni tí kò lọ rárá, kó di ẹni tó lọ. Kò sí méjì nínú rẹ̀, kò sí mẹ́wàá. 1.633 ni gbogbo ìyàtọ̀ tó lè wà láàárín ìhà méjèèjì: ₦1,633 lọ́sẹ̀.

Nígbà tí mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, ọmọbìnrin náà dákẹ́, ó ní, "Ah. Ọdún mẹ́rin péré ti ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni: .502 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 2.008. Ohun tó mú 1.633 tóbi ni pé ẹyọ rẹ̀ tóbi. Bí a bá ka ọdún ní ẹ̀wádún-ẹ̀wádún dípò ọdún kọ̀ọ̀kan, `B` ọdún yóò di 5.02, iṣẹ́ kò sì yí padà, àwọn ènìyàn Ìtòkú kò sì yí padà.

Ìlà `(Constant)` ńkọ́? 14.280 ni èrè tí ìṣirò ń retí fún ẹni tó ní ọdún òdo, owó òdo, tí kò sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́, kí ló ń tà? Ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ yín, ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀.

Ìgbà wo wá ni a lè fi àwọn aṣàlàyé wéra? Iṣẹ́ òpó `Beta` nìyẹn. Ó ti kó gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà, ìyẹn bí òǹkà ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ń fọ́n ká yí ìpíndọ́gba rẹ̀ ká, èyí tí àtẹ `Descriptive Statistics` ń pè ní `Std. Deviation`. Nínú dátà yìí, ìfọ́nká owó jẹ́ 60, ìyẹn ₦60,000. Ìfọ́nká ọdún jẹ́ 6. Ìfọ́nká èrè jẹ́ 10.04. `Beta` owó, .360, ń sọ pé bí owó bá gòkè ní ìwọ̀n ìfọ́nká kan, èrè máa gòkè ní .36 ìfọ́nká tirẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦3,600. Ti ọdún, .300, jẹ́ nǹkan bíi ₦3,000. Owó tí `B` rẹ̀ kéré jù lọ ló wá ṣíwájú, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí `B` rẹ̀ ga jù lọ ló sì wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú .080. Ohun tí báírò pupa ń sọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ gba `Beta` gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàtọ̀ .36 sí .30 kò tó ohun tí a fi ń pariwo pé owó ju ìrírí lọ. Bákan náà, fún aṣàlàyé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, "ìfọ́nká kan" kò ní ìtumọ̀ kankan láyé: ta ló ti gba ìlàjì ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Fún irú rẹ̀, `B` ni kí ẹ fi sọ̀rọ̀.

Òpó `Sig.`, àti .000 tí kì í ṣe òdo

`t` kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju `B` tí a pín fún `Std. Error` lọ. Ẹ pín 1.633 fún 1.575, ẹ máa rí nǹkan bíi 1.04. Ìyẹn ni pé bí òǹkà náà ṣe tóbi tó ni iyèméjì tó wà lórí rẹ̀ náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó. `Sig.` rẹ̀ jẹ́ .302, ó ju .05 lọ, nítorí náà a kò lè sọ pé kì í ṣe ṣèèṣì.

Fún ọdún àti owó, `Sig.` kọ .000. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ yín, torí kò sí ìgbà tí p, ìyẹn ohun tí SPSS ń pè ní `Sig.`, máa ń jẹ́ òdo. SPSS kàn gé e kù sí òǹkà mẹ́ta lẹ́yìn póíǹtì ni. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ tẹ àtẹ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó ṣí, kí ẹ tún tẹ .000 tó wà lórí ìlà `odun` lẹ́ẹ̀mejì: òǹkà gígùn kan máa yọ jáde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.0004. Ohun tí ẹ máa kọ ni p < .001. SPSS tuntun ti ń kọ `<.001` fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa kò tíì débẹ̀.

Ẹ wá wo òpó `95.0% Confidence Interval for B`, èyí tí a sàmì sí níbẹ̀rẹ̀. Fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó lọ láti -1.488 dé 4.754. Ẹ yí i sí owó: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè bá ìdínkù ₦1,488 lọ́sẹ̀ rìn, ó sì lè bá àlékún ₦4,754 rìn, dátà yìí kò sì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ọmọ náà kọ "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò wúlò." ₦4,754 lọ́sẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ohun tó mọ̀ ni pé òun kò rí ẹ̀rí tó tó. Bó ti wù kí ó rí, kí ẹ má kọ pé ẹ "gba" àbá pé kò sí ìbáṣepọ̀. Ẹ kọ pé ẹ kò rí ẹ̀rí tí ẹ fi lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

`VIF` wà ní ìparí àtẹ. Ó ń wò bóyá àwọn aṣàlàyé ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tiwa jẹ́ 1.19, 1.21 àti 1.03, kò sí wàhálà. Bí ọ̀kan bá ti ń sún mọ́ 5 tàbí 10, ẹ ti kó ìbejì wọlé, bíi kí ẹ fi ọjọ́ orí àti ọdún nínú iṣẹ́ jọ sínú rẹ̀.

Nígbà tí òǹkà bá jáde pẹ̀lú lẹ́tà E

Ọ̀rọ̀ tó máa ń gbé àwọn ènìyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù jù nìyí. Ká ní ọmọbìnrin náà kọ owó ìṣòwò ní náírà gidi, 150000 dípò 150. `B` owó kì bá tí jẹ́ .060 mọ́, yóò jáde báyìí: `6.025E-5`. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n kọ ọ́ sí B = 6.025. Ohun tí E-5 ń sọ ni pé kí ẹ sún póíǹtì sí ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀márùn-ún: 0.00006025. Náírà kan ń bá ẹgbẹ̀rún náírà lọ́nà 0.00006 rìn, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà. Òótọ́ ni, ó sì bá ₦60 lórí ẹgbẹ̀rún mu, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ka irú ìyẹn? Ẹ yí òṣùwọ̀n padà kí ẹ tún un ṣe:

```
COMPUTE owo = owo_naira / 1000.
EXECUTE.
```

`B` àti `Std. Error` rẹ̀ máa yí padà. `Beta`, `t`, `Sig.` àti `R Square` kò ní yí padà rárá. Bí wọ́n bá yí, ẹ ti ṣe nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ẹ padà sẹ́yìn.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Kí ẹ má gé àtẹ SPSS bó ṣe wà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí kẹrin. Ẹ tẹ àtẹ tiyín: ìlà kan fún aṣàlàyé kọ̀ọ̀kan, òpó fún B, SE tó jẹ́ `Std. Error`, β tó jẹ́ `Beta`, t, p, àti 95% CI tó jẹ́ `Confidence Interval`. Ẹ kọ orúkọ gidi síbẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, "Owó ìṣòwò, ẹgbẹ̀rún náírà", kì í ṣe `owo`. Ìlànà APA ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń lò: òǹkà méjì lẹ́yìn póíǹtì, mẹ́ta fún p, kí òdo má sì sí ṣáájú póíǹtì fún p, β àti R². B ní òdo tirẹ̀, torí ó lè ju 1 lọ: 0.50, kì í ṣe .50. Ọ̀kan péré ni mo yà kúrò: owó. 0.06 tó ní àyè láti 0.03 dé 0.09 ti gé nǹkan púpọ̀ dànù, nítorí náà mo fi mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Ìpínrọ̀ tí a jọ kọ lọ́jọ́ náà nìyí. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá fẹ́ ẹ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ètò rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀: gbogbo wọn lápapọ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Nínú ìwé ìbéèrè 128 tí a gbà padà, mẹ́jọ ní àyè tí a kò kọ nǹkan sí, a sì yọ wọ́n kúrò (N = 120). A fi rìgírẹ́ṣọ̀n yẹ̀ wò bí ọdún nínú iṣẹ́, owó ìṣòwò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe bá èrè ọ̀sẹ̀ rìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ ṣàlàyé ìdá 33 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà nínú èrè, R² = .33, F(3, 116) = 18.69, p < .001. Bí àwọn yòókù bá dúró sójú kan, ọdún kan sí i nínú iṣẹ́ ń bá àlékún èrè ₦502 lọ́sẹ̀ rìn, B = 0.50, 95% CI [0.23, 0.78], β = .30, p < .001. Ẹgbẹ̀rún náírà kan sí i nínú owó ìṣòwò ń bá àlékún nǹkan bíi ₦60 rìn, B = 0.060, 95% CI [0.032, 0.088], β = .36, p < .001. Èrè àwọn tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi ₦1,633 ju ti àwọn tí kò gbà á lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tó láti sọ pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ṣèèṣì, B = 1.63, 95% CI [-1.49, 4.75], p = .302."

Ẹ kíyè sí i pé mo kọ "ń bá ... rìn" níbi tí ọmọbìnrin náà ti kọ "ń mú wá" tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lọ bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó lè jẹ́ pé owó ló ń mú èrè wá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ti ń jèrè tipẹ́ ló rí owó fi kún òwò. Rìgírẹ́ṣọ̀n kò mọ èyí tó ṣáájú. Ó jiyàn díẹ̀, ó ní àkọlé tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún òun ní "ipa" nínú. Mo ní kí ó fi àkọlé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àtiyí i padà yóò gbà á lọ́dún kan, ṣùgbọ́n kí gbólóhùn orí kẹrin má sọ ju ohun tí àtẹ sọ lọ, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sínú orí karùn-ún níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ohun tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe.

Kí ó tó lọ, a ṣe ohun kan tí ó gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó di àtẹ SPSS mú, èmi ń ka ìpínrọ̀ tuntun náà sókè, ó ń fi báírò sàmì sí òǹkà kọ̀ọ̀kan bí mo bá ti pè é. Ibì kan ṣoṣo ni a ti rí àṣìṣe: mo ti tẹ 18.96 dípò 18.69.